Ìpara Abẹ́ Ojú: Ṣé Dandan Ni, Àbí Owó Ló Ń Ṣòfò?

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ojú ti ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ti ìjà, kì í sì í ṣe ti gbèsè. Ọ̀rọ̀ ìpara kékeré tí wọ́n ń tà fún abẹ́ ojú ni. Bí obìnrin bá dé ọ̀dọ̀ oníìpara ní ọjà Òwòdé ní Ọ̀fà, tó ra ti ara, tó ra ti ojú, oníṣòwò á tún ní, "Màmá, ó ku ti abẹ́ ojú o." Ṣé lóòótọ́ ló kù?

Kí ẹ má bàa dúró pẹ́, ìdáhùn rèé: kì í ṣe dandan. Awọ ìpéǹpéjú ló fẹ́lẹ́ jù lára ọmọ èèyàn, ìdajì mìlímítà péré ló nípọn. Òróró àdámọ́ tó ń sun ní imú àti iwájú orí kò tó bẹ́ẹ̀ ní àyíká ojú. Ìdí nìyẹn tí ọyẹ́ fi ń tètè mú un gbẹ, tí ìpara tó le fi ń ta á. Ìpara tí kì í ta ni ibẹ̀ ń fẹ́, kò kan ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá aláṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ra ìpara ojú tí kò ní òórùn dídùn, ike mìlílítà 50, ní ₦5,000. Ó tún ra ti abẹ́ ojú, ike mìlílítà 15, ní ₦6,000. Bí a bá pín in, mìlílítà kan ti àkọ́kọ́ jẹ́ ₦100, ti ìkejì jẹ́ ₦400. Ẹ wá ní kí ọmọ tó mọ̀wé ka ẹ̀yìn páálí méjèèjì. Ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ dárúkọ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ omi ló ṣáájú, tí gilisirínì tẹ̀ lé e, tí òróró tẹ̀ lé ìyẹn, nínú méjèèjì, a jẹ́ pé ìlọ́po mẹ́rin ni ìyá aláṣọ san lórí nǹkan kan náà.

Ìgbà tí ti ọ̀tọ̀ lè wúlò ni bí ìpara ojú yín bá ní lọ́fíńdà tó pọ̀, tàbí tó jẹ́ ti rorẹ́ tó ń ta gan-an. Ẹ má ṣe fi ìyẹn dé abẹ́ ojú. Síbẹ̀, fasilínì lásán tàbí òrí tó mọ́, tí a fi sí i díẹ̀ lálẹ́, ti tó fún awọ tó gbẹ. Bí kóró funfun kéékèèké bá wá yọ sí abẹ́ ojú, ìpara náà ti wúwo jù fún yín, ẹ dín in kù.

Kí ẹ tó náwó lórí ojú tó dúdú lábẹ́, ẹ mọ irú dúdú tó jẹ́ ná. Ẹ mú dígí, ẹ kọjú sí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́. Bí ẹ bá gbé orí sókè tí dúdú náà pòórá, òjìji ni, nítorí abẹ́ ojú ti jìn sínú. Ìpara kankan kò lè dí ihò yẹn. Bí ẹ bá rọra fa awọ náà sí ẹ̀gbẹ́ tí dúdú náà kò yí padà, àwọ̀ ara ló pọ̀ níbẹ̀. Ó lè jẹ́ àbínibí, ó sì lè jẹ́ oòrùn tàbí fífọwọ́ ra ojú ló fà á. Télọ̀, wẹ́dà àti ẹni tó ń yan ẹran, tí ojú ń yún nítorí èéfín àti eruku, ń ra ojú lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ fífọwọ́ ra náà ló ń mú un dúdú sí i. Ẹ kọ́kọ́ wá oògùn fún ojú yíyún ná.

Wàyí o, kí ni kí ẹ wá lára páálí? Fún gbígbẹ, gilisirínì, fasilínì tàbí òrí. Fún dúdú tó jẹ́ àwọ̀ ara, naiasínámáìdì tàbí fítámì Sí, pẹ̀lú ìpara tó ń dí oòrùn àti fìlà tàbí agboòrùn lọ́jà. Bí oòrùn bá ń pa ojú lójoojúmọ́, iṣẹ́ ìpara á máa já sí asán. Ó lè tó oṣù 3 kí ìyàtọ̀ tó hàn, díẹ̀ ló sì máa ń dín. Fún ìlà wẹ́wẹ́, rẹtinọ́ọ̀lù ló ní ẹ̀rí jù. Ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan fún ojú méjèèjì, alẹ́ 2 péré lọ́sẹ̀, kí ẹ sì fi sí orí egungun tó yí ojú ká, kì í ṣe sórí ìpéǹpéjú. Aláboyún kò gbọdọ̀ fi kàn án. Fún ojú wíwú láàárọ̀, kafíìnì ń mú un fọn díẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, aṣọ tí a fi omi tútù rẹ náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú bá ń wú láràárọ̀ tí ẹsẹ̀ náà tún ń wú, ẹ fi ìpara sílẹ̀, ẹ lọ sí ilé-ìwòsàn kí wọ́n yẹ kíndìnrín wò.

Èyí tó burú jù ni ìpara àpòpọ̀ tí wọ́n ń bù sínú ike tí kò ní àkọlé. Bó bá mú abẹ́ ojú mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tó sì jẹ́ pé bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ ló ń pọ́n, tó ń yún, tó tún dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ fura, ó ṣeé ṣe kí sìtẹ́rọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá ń wọ àyíká ojú fún oṣù pípẹ́, agbára omi inú ẹyinjú lè ga, kó máa pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ. Gilakóómà ni àwọn dókítà ń pè é. Èyí tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ báyìí kì í dunni, ohun tó bá sì ti bàjẹ́ níbẹ̀ kì í padà bọ̀ sípò. Ẹni tó bá ti ń lò ó pẹ́, kó lọ kí wọ́n wọn agbára ojú rẹ̀.

Tìróò náà kò gbẹ́yìn. Ní ọdún 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù 6 kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Tìróò tí wọ́n gbé láti ilé wá ni wọ́n ń lé fún un. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó lé ní ìdá 80 nínú ìdá 100 rẹ̀ tó jẹ́ òjé. Òjé kì í wù ọpọlọ ọmọdé. Bí ìyá kò bá lè fi tìróò sílẹ̀ fún ara rẹ̀, kó má ṣe lé e fún ọmọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa, ìpara kan tí kì í ta tó fún ojú àti abẹ́ rẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára páálí, kí ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí inú apá fún ọjọ́ mélòó kan kó tó dé ojú. Owó tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ra agboòrùn.