Bodè Sèmè tì: ṣé àdéhùn ti tú nìyẹn?

Ẹ jẹ́ ká ní oníṣòwò kan ní Àgbádárìgì ti san àsansílẹ̀ fún ẹni tó ń tajà ní Kútọnu kí ìjọba tó ti bodè ní oṣù kẹjọ 2019. Bí ìwé àdéhùn wọn bá sọ pé Sèmè nìkan ni ẹrù máa gbà, àdéhùn náà lè tú, torí oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n tó ṣí i. Òfin àdéhùn ní Èkó á jẹ́ kó gba owó rẹ̀ padà, àmọ́ adájọ́ lè yọ ohun tí ẹni kejì ti ná sórí iṣẹ́ náà.

Bí wọ́n bá kàn kọ "gbé e dé Èkó" ńkọ́? Wàhálà dé nìyẹn. Èbúté Apápá ṣì ṣí (bí ẹrù náà kì í bá ṣe èyí tí wọ́n fòfin dè). Nígbà tí ọ̀nà omi Súẹ́sì tì ní 1956, ẹni tó ta ẹ̀pà láti Sùdáánì sí Jámánì ní òun ò lè kó o mọ́. Ní 1961, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù dá a lẹ́bi: ó lè gba gúúsù Áfíríkà, bó tilẹ̀ jìnnà, tó sì wọ́n.

Ẹni tó bá fẹ́ kí títì bodè yọ òun, inú ìwé àdéhùn ni kó ti kọ ọ́ kedere. Òfin wa kì í fi irú ààbò bẹ́ẹ̀ síbẹ̀ fúnra rẹ̀.