Iye Tí Fóònù Ń Ná Wa Lẹ́yìn Ọjọ́ Tí A Rà Á

Ẹni tó bá ra ẹṣin mọ̀ pé owó koríko kò sí nínú iye tí òun san lọ́jà. Bẹ́ẹ̀ náà ni fóònù rí. Bí a bá fẹ́ mọ iye tó ń ná wa gan-an, kí a kó gbogbo owó tó bá a rìn jọ, kí a sì fi iye oṣù tí a lò ó pín in.

Ẹ jẹ́ kí a fi fóònù méjì ṣe àpẹẹrẹ. Ìṣirò lásán ni àwọn iye yìí wà fún. Ẹ lè fi èyí tí ẹ bá gbọ́ ní ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà tàbí ní àdúgbò yín rọ́pò wọn. Orúkọ kan náà ni fóònù méjèèjì ń jẹ́, àyè ìpamọ́ wọn nìkan ló yàtọ̀. 64GB ni ti àkọ́kọ́, ₦150,000 sì ni wọ́n ń tà á. 128GB ni ti èkejì, ₦180,000 ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò mú ti àkọ́kọ́, tí wọn yóò sì gbà pé àwọn ti fi ₦30,000 pamọ́.

Ká ní a ó lo ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọdún mẹ́rin, èyí tí í ṣe oṣù 48. Kéèsì àti gíláàsì ìdáàbòbò yóò gba ₦6,000 lọ́dún, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦24,000. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í fi ṣájà sínú páálí mọ́, nítorí náà ṣájà méjì yóò gba ₦20,000. A ó pààrọ̀ bátìrì lẹ́ẹ̀kan ní ₦18,000, a ó sì pààrọ̀ ojú fóònù lẹ́ẹ̀kan ní ₦45,000. ₦107,000 nìyẹn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àyè ìpamọ́ ló wá kù. Ẹni tó ra 64GB kò lè lo gbogbo rẹ̀, nítorí pé ètò tó ń darí fóònù náà ti gba tirẹ̀ nínú rẹ̀. Àwòrán, fídíò àti àwọn ohun tí WhatsApp ń kó wọlé ni yóò gba ìyókù. Tẹ́lẹ̀, a lè kó àwòrán lọ sí Google Photos lọ́fẹ̀ẹ́ láìníye, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2021, àyè ọ̀fẹ́ 15GB ni àwòrán, lẹ́tà Gmail àti fáìlì inú Drive jọ ń pín lò. Ẹni tó bá kọjá rẹ̀ yóò máa sanwó, dátà tí yóò fi kó wọn lọ sì tún wà lọ́tọ̀. Bí méjèèjì bá jẹ́ ₦1,500 lóṣù fún ọdún méjì tó gbẹ̀yìn, ₦36,000 ni.

Nítorí náà, fóònù 64GB ná wa ní ₦293,000, ti 128GB sì jẹ́ ₦287,000. Èyí tó wọ́n lọ́jà ló wá pọ́ọ́kú, nǹkan bí ₦5,980 lóṣù. Bí fóònù yín bá ní ihò fún káàdì ìpamọ́, ẹ lè kó àwòrán síbẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ áàpù kì í gbà láti gbé orí káàdì.

Ìnáwó tó tún le jùyẹn ni ká sọ fóònù nù láìtọ́jọ́. Bí ẹni tó ra 64GB bá pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì nítorí pé ó kún, ₦172,000 ló ti ná sórí rẹ̀ pẹ̀lú kéèsì, gíláàsì àti ṣájà kan. Ó lé ní ₦7,100 lóṣù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tún nǹkan kan ṣe lára rẹ̀.

Bátìrì náà máa ń jẹ́ kí ènìyàn rò pé fóònù ti kú. Ọ̀pọ̀ bátìrì ni wọ́n ṣe kí agbára wọn lè wà ní ìdá 80 nínú 100 lẹ́yìn gbígba iná ní kíkún fún ìgbà 500. Àwọn tuntun kan ń dé 1,000. Ooru ń mú kí ó tètè gbó. Bí fóònù bá ṣàdédé kú nígbà tó ṣì ń fi ìdá 30 hàn, bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá wú, ẹ má ṣe fi iná sí i mọ́, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé e fún oníṣẹ́.

Nígbà tí oníṣẹ́ bá dárúkọ owó, ẹ fi iye oṣù tí ẹ retí pé fóònù náà yóò tún lò pín in. Bátìrì ₦18,000 tó fún yín ní oṣù 18 jẹ́ ₦1,000 lóṣù. Ó yẹ ní ṣíṣe. Ojú fóònù ₦45,000 tó fún yín ní oṣù 12 jẹ́ ₦3,750, ó ṣì dín sí ₦5,980 tí a rí lókè. Ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kò bá fi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́ sí i mọ́, tí áàpù báǹkì yín sì ti ń kọ̀ ọ́, oṣù mẹ́fà lè má pé mọ́. ₦45,000 náà yóò wá di ₦7,500 lóṣù. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti fi owó náà kún ti fóònù mìíràn.