"Ilẹ̀ wa ni" kò ní ká má ka owó ilẹ̀
Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, a ò ní dákẹ́ o! Tí ẹ bá ń ṣírò adágún ẹja tuntun, ẹ máa ń ka oúnjẹ ẹja àti owó òṣìṣẹ́, ẹ ó wá kọ òdo síwájú ilẹ̀, torí tiyín ni. Irọ́ ni!

Ká ní oníbúlọ́ọ̀kù fẹ́ háyà ilẹ̀ ọ̀hún ní ₦150,000 lọ́dún, tí ẹja sì mú ₦120,000 wá lọ́dún kan náà lẹ́yìn gbogbo ìnáwó. Ẹ ti pàdánù ₦30,000 nìyẹn.

Iye tí ẹ fi ra ilẹ̀ nígbà kan kò kàn án. Owó tó lè mú wá báyìí ni kí ẹ kà. Àfi tí kò bá sẹ́ni tó fẹ́ ẹ, tí ẹ̀yin náà ò sì ní nǹkan míì fi ṣe, ni kí ẹ kọ òdo.

Ẹ béèrè owó háyà kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀ o.