Aago Lọ́ńdọ́ọ̀nù Kọ́ Ló Yẹ Kó Máa Ka Kajú Tẹ̀dé

Bí ọ̀rọ̀ yíyí aago bá délẹ̀ láàárín àwa tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ohun tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Ti òyìnbó nìyẹn. Nàìjíríà kì í yí aago, kò kàn wá." Ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló jẹ́ òótọ́. Láti ọdún 1919 ni aago wa ti ń fi wákàtí 1 ṣáájú aago àgbáyé, ìyẹn `UTC`, òjò ì báà rọ̀, ọyẹ́ ì báà dé. Ṣùgbọ́n aago tó wà lára ògiri wa kọ́ ló ń darí dátà wa. Aago sáfà tó ń gbà á ló ń darí rẹ̀, bí sáfà náà bá sì ń ka aago Lọ́ńdọ́ọ̀nù, aago rẹ̀ ń yí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Ẹ jẹ́ ká fi Tẹ̀dé ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní àwọn àgbẹ̀ kan ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù níbẹ̀, tí akọ̀wé wọn ń wọn kajú lójú ọjà, tó sì ń fi fóònù kọ orúkọ àgbẹ̀ àti ìwọ̀n kílò rẹ̀ sílẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dára lọ́sàn-án, dátà òru sì dínwó, nítorí náà láti aago 12 òru ni fóònù ti ń fi ohun tó kó jọ ránṣẹ́. Sáfà gba àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì lẹ aago tó gbà á mọ́ ọn. Ní ìṣẹ́jú 5 lẹ́yìn wákàtí kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ síǹkì á jí, á kó àkọsílẹ̀ wákàtí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí lọ sínú ìwé ìṣirò owó. Ohun tí kò bá dé inú ìwé yìí, wọn kò ní san owó rẹ̀.

Báyìí ni ọ̀pọ̀ wa ṣe máa ń kọ ọ́:

```python
end = datetime.now().replace(minute=0, second=0, microsecond=0)
start = end - timedelta(hours=1)
```

Ìlà méjèèjì yìí dà bí ohun tí kò lè ṣìnà. Bí aago bá jẹ́ 5:05, á kó àkọsílẹ̀ láti 4:00 títí dé 5:00. Ẹ wá wò ó ní òru ọjọ́ Sunday, 30 oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Ní òru ọjọ́ náà, bí aago Lọ́ńdọ́ọ̀nù ṣe fẹ́ pé 1:00 ló fò sí 2:00. Ní Tẹ̀dé, aago 2 òru gan-an ni. Iṣẹ́ síǹkì ti jí ní 0:05 aago Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó sì ti kó wákàtí 23 sí 0. Ó yẹ kó tún jí ní 1:05 láti kó wákàtí 0 sí 1, ṣùgbọ́n 1:05 kò sí lóru yẹn. 2:05 ló tún jí, ó sì wá wákàtí 1 sí 2, èyí tí kò sí àkọsílẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Àkọsílẹ̀ wákàtí 0 sí 1, ìyẹn ohun tí Tẹ̀dé fi ránṣẹ́ láti aago 1 sí aago 2 òru, kò sẹ́ni tó padà wá kó o. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wákàtí tí aago fò ló ń sọnù. Rárá o, èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni. Fóònù akọ̀wé á sì máa sọ pé gbogbo rẹ̀ ti lọ, torí sáfà gbà á lóòótọ́. Àárín sáfà àti ìwé owó ló há sí, ní àsìkò kajú gan-an.

Ní 26 oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, ọ̀rọ̀ yí padà. Bí aago Lọ́ńdọ́ọ̀nù ṣe fẹ́ pé 2:00 ló padà sí 1:00, nítorí náà 1:05 wáyé lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà méjèèjì, síǹkì kó wákàtí 0 sí 1. Ká ní àkọsílẹ̀ 40 ló wọlé ní wákàtí yẹn, 25 ní èyí tó tẹ̀ lé e, 30 ní ìkẹta. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 95. Síǹkì á kó 40, á tún kó 40 kan náà, lẹ́yìn náà ní 2:05 á kó 55, nítorí pé wákàtí méjì ló ń jẹ́ "1 sí 2". Ìwé owó á sọ pé 135. Wọ́n á san owó àsanlé, bó bá sì di ọjọ́ tí wọ́n rí i, ọwọ́ àgbẹ̀ ni wọ́n á ti gbà á padà.

Kí ló dé tí a kì í tètè rí i? Láti ìparí oṣù Kẹta sí ìparí oṣù Kẹwàá, aago Lọ́ńdọ́ọ̀nù àti tiwa dọ́gba. Ẹni tó bá dán iṣẹ́ rẹ̀ wò ní oṣù Keje, yóò rí i pé gbogbo rẹ̀ tọ̀nà. Bó bá di oṣù Kọkànlá, tó rí ìyàtọ̀ wákàtí 1, ohun tí yóò yá a lára ni láti fi 1 kún un nínú kóòdù. Ó ti tún da ti oṣù Kẹrin rú nìyẹn. Àwọn mìíràn á kọ `Etc/GMT+1`, wọ́n rò pé Nàìjíríà nìyẹn. Àmì ti yí padà nínú orúkọ yẹn: wákàtí 1 lẹ́yìn `UTC` ló túmọ̀ sí, ìyẹn wákàtí 2 lẹ́yìn wa. `Africa/Lagos` ni orúkọ tiwa.

Lójú tèmi, kò yẹ kí aago ògiri ìlú kankan máa pín àkókò fún síǹkì. Ibi tí ó parí sí kẹ́yìn ni kó ti máa bẹ̀rẹ̀:

```python
start = last_end
end = datetime.now(timezone.utc)
```

Kí a tọ́jú `last_end` sínú dátábéèsì, kí ó má sì yí àfi bí iṣẹ́ bá parí láìsí àṣìṣe. Aago tí sáfà ń lẹ̀ mọ́ àkọsílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ `UTC`. Bí ó bá jẹ́ PostgreSQL, `timestamptz` ni ká lò. Kí fóònù sì fún àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ìwé owó kọ nọ́ńbà tó bá ti rí tẹ́lẹ̀. Bí síǹkì bá wá kó ohun kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò wọlé.

Àwọn kan á ní, ṣebí ká kúkú yí sáfà sí `Africa/Lagos`, nígbà tí kì í yí? Ó ṣeé ṣe, kò sì burú tó ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n òfin ìjọba ló ń ṣe aago, òfin sì ń yí: Íjíbítì ti pa yíyí aago tì tẹ́lẹ̀, ó sì tún dá a padà ní 2023. Ibi tí `Africa/Lagos` ti wúlò ni ojú ìwé tí ènìyàn ń kà. Ọjọ́ tuntun ní Tẹ̀dé bẹ̀rẹ̀ ní 23:00 `UTC`, nítorí náà ẹni tó bá ń ṣírò "kajú àná" gbọ́dọ̀ fi aago wa pín ọjọ́.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti ń lọ tẹ́lẹ̀ lè yẹ̀ ẹ́ wò lónìí. Kó mú òru méjèèjì tí mo dárúkọ, kó ka iye àkọsílẹ̀ tó wọ sáfà, kó sì ka iye tó wọ ìwé owó. Bí ti sáfà bá pọ̀ jù ní oṣù Kẹta, a jẹ́ pé wákàtí kan sọnù, ó sì ṣeé kó padà bí sáfà kò bá tíì pa á rẹ́. Bí ti ìwé owó bá pọ̀ jù ní oṣù Kẹwàá, kó wá nọ́ńbà tó jáde lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, Lọ́ńdọ́ọ̀nù ló dà á, Tẹ̀dé ló ń tọ̀. Àwa tó ń kọ kóòdù ló wà láàárín.