Ohùn Ewì Kò Ṣe é Jẹ́rìí Sí Láìsí Ẹlẹ́rìí

Ó ti di àṣà láàrín àwa olùkọ́ pé, bí ọmọ ilé-ìwé bá kọ ọ́ pé, "Ọkàn akéwì balẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó bàjẹ́ ní ìparí," a ó gbà á fún un, a ó sì kọjá. Èmi lòdì sí àṣà yìí. Ẹni tí ó bá wí pé ohùn ewì yí padà, kí ó fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí ó ti yí.

Ẹ jẹ́ kí a mú ewì William Wordsworth kan tí kò ní orúkọ, tí a tẹ̀ ní ọdún 1800, èyí tí ó fi ọ̀rọ̀ oorun bẹ̀rẹ̀. Ìlà mẹ́jọ péré ni, ní ìpín méjì. Akéwì kò dárúkọ ikú níbẹ̀ rárá, síbẹ̀ òǹkàwé mọ̀ pé obìnrin inú rẹ̀ ti kú. Báwo ni ó ṣe mọ̀?

Ní ìpín kìn-ín-ní, gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó wà ní ìrísí ohun tí ó ti kọjá: akéwì ń sọ bí òun ti rò nígbà kan rí, pé ọjọ́ ayé kò lè fọwọ́ kan obìnrin náà. Àmì ìdánudúró pátápátá ni ó pa ìpín náà dé. Bí ìpín kejì ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe di ti ìsinsìnyí. Ọ̀rọ̀ kíkọ̀ mẹ́rin tẹ̀lé ara wọn nínú ìlà méjì. "Èmi" tí ó ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ kò sí mọ́. Ní ìlà méjì ìkẹyìn, obìnrin náà kò ṣe ohunkóhun. Ayé ni ó ń yí i kiri. Àárín àmì ìdánudúró náà àti ọ̀rọ̀-ìṣe tuntun ni ikú ti wọlé.

Níhìn-ín ni ìtumọ̀ ti ń tan àwọn ọmọ wa jẹ. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í pa ìrísí dà nítorí àná àti òní; "kò rí" lè jẹ́ ti méjèèjì. Ọmọ tí ó bá kọ́kọ́ túmọ̀ ewì náà nínú ọkàn rẹ̀ kí ó tó dáhùn ti sọ ẹlẹ́rìí rẹ̀ nù.

Àwọn mìíràn yóò wí pé àmì nìkan tó. Kò tó. Ìwé ọdún 1800 fi àmì ìyanu parí ewì yìí. Ọ̀pọ̀ ìwé òde òní fi àmì ìdánudúró pátápátá parí rẹ̀. Ọ̀kan dàbí igbe, èkejì dàbí ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Wordsworth tìkára rẹ̀ kọ̀wé ní oṣù Keje ọdún 1800 sí Humphry Davy, onímọ̀ kẹ́mísírì, pé kí ó bá òun tún àmì inú àwọn ewì ṣe, nítorí òun kò mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ìtò ọ̀rọ̀ kò yí padà láti ìwé kan sí èkejì.

Nítorí náà, kí ìtò ọ̀rọ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí kìn-ín-ní, kí àmì sì tẹ̀lé e. Ọmọ tí kò bá lè sọ ìlà tí ohùn ti yí, ọ̀rọ̀ tí ó pa ìrísí dà níbẹ̀, àti àmì tí ó wà lẹ́bàá rẹ̀, kò tíì dáhùn ìbéèrè náà.