Ọ́pṣọ̀n Ọjọ́ Kan: Owó Kékeré Láàárọ̀, Gbèsè Ńlá Nírọ̀lẹ́

Ní ọjà Ṣìkágò lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àdéhùn kan wà tí ènìyàn lè rà láàárọ̀ tí yóò sì parí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ́pṣọ̀n ọjọ́ kan ni. Ẹni tó rà á san owó díẹ̀ kí ó lè ní ẹ̀tọ́ sí èrè bí ọjà bá kọjá iye kan tí wọ́n jọ fẹnu kò sí. Ẹni tó tà á gba owó náà sápò, ó sì ṣèlérí láti san gbogbo ohun tó bá lé sórí iye yẹn. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn dá lórí òǹkà S&P 500, tó ń fi bí ìpín ìdókòwò àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá Amẹ́ríkà ṣe ń lọ sókè sódò hàn. Ọdún 2022 ni Cboe, tó ni ọjà náà, fi ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ kún àwọn ọjọ́ tí àdéhùn lè parí. Láti ìgbà náà, kò sí ọjọ́ tí ọjà ṣí tí ọ̀kan kì í parí.

Kò ṣòro láti mọ ohun tó ń fa àwọn onítẹ́tẹ́ ọjà síbẹ̀. Bí àkókò tó kù bá ṣe kéré tó ni owó àdéhùn ń kéré tó, nítorí náà ẹni tí apá rẹ̀ kò ká àdéhùn oṣù kan lè ra ti òní. Kò sí pé ìròyìn òru yóò bá a lójú oorun. Nígbà tí aago mẹ́rin bá lù ní Niu Yọ́ọ̀kì, ó ti mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìkìlọ̀ tí a ń gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tó ń rà ni wọ́n ń kọ lóminú sí. Ẹni tó ń tà ni ó yẹ kí a wò dáadáa. Tirẹ̀ ni àkókò ń ṣiṣẹ́ fún: bí wákàtí ti ń kọjá ni owó àdéhùn náà ń yọ́. Yóò yan iye tó jìnnà sí ibi tí ọjà wà, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ọjà kì yóò sì débẹ̀. Bí ó bá ti jẹ ẹ́ báyìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, yóò máa pè é ní owó oṣù.

Ilé tí a fi itọ́ mọ ni, ìrì ni yóò sì wó o. Ìrì náà sẹ̀ lọ́jọ́ 9 oṣù Epírílì, 2025. Òwò àgbáyé ń gbọ̀n nígbà náà nítorí owó orí ọjà tí Ààrẹ Donald Trump gbé ka àwọn orílẹ̀-èdè lórí. Òǹkà S&P 500 wà ní nǹkan bíi 5,000. Ká ní ẹnì kan ta ọ́pṣọ̀n ìgòkè tó dúró lórí 5,200, tí wọ́n sì san dọ́là 10 fún un. Ọgọ́rùn-ún dọ́là ni wọ́n ń ka ẹyọ òǹkà kọ̀ọ̀kan sí, nítorí náà dọ́là 1,000 ló wọ àpò rẹ̀. Ìgbésẹ̀ igba ni ọjà gbọ́dọ̀ gbé sókè kí ó tó ta bá a, nínú wákàtí díẹ̀ tó kù. Ta ni kò ní fọkàn balẹ̀?

Aago kan ọ̀sán kọjá díẹ̀ nígbà tí Trump kéde lórí ẹ̀rọ ayélujára pé òun dá púpọ̀ nínú owó orí ọjà náà dúró fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ọjà fò sókè láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nígbà tó fi máa tì, òǹkà ti di 5,456.90. Iye tó lé sórí 5,200 jẹ́ 256.90, èyí tó di dọ́là 25,690 tí ẹni yìí gbọ́dọ̀ san. Bí a bá yọ ẹgbẹ̀rún kan tó gbà kúrò, ó pàdánù 24,690. Èrè ọjọ́ mẹ́rìnlélógún irú rẹ̀ kò tó o dí. Ẹni tó fi dọ́là 3,000 ra ọ́pṣọ̀n ìsọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ kan náà pàdánù gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n gbèsè kò bá a délé.

Àwọn kan yóò sọ pé ó yẹ kí ó ti fi àṣẹ sílẹ̀ lórí áàpù rẹ̀ pé bí owó àdéhùn náà bá di ìlọ́po méjì, kí wọ́n rà á padà. Àṣẹ bẹ́ẹ̀ wúlò nígbà tí ọjà bá ń rìn. Kò wúlò tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá fò. Ní irú ìṣẹ́jú yẹn, àwọn oníṣòwò ńlá tó ń dá owó sí àdéhùn máa ń fa ọwọ́ sẹ́yìn, àlàfo tó wà láàárín owó tí wọ́n fẹ́ rà àti èyí tí wọ́n fẹ́ tà á sì ń fẹ̀ sí i. Ẹni tó ní kí wọ́n rà á padà ní 20 lè rí i pé 80 ni wọ́n rà á, nítorí àṣẹ náà kàn ń sọ pé kí wọ́n rà á ni, kò dá iye kankan dúró.

Ohun tó ń dá àdánù dúró ní tòótọ́ ni kí ó ti ra òmíràn tì í láti ìbẹ̀rẹ̀. Ká ní ó ta ti 5,200 ní dọ́là 10, kí ó sì ra ti 5,225 ní dọ́là 8, dọ́là 200 péré ni ìbá kù fún un. Ṣùgbọ́n bí ọjà ìbáà fò dé ojú ọ̀run, àlàfo òǹkà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náà ni yóò san, ìyẹn 2,500. Àdánù rẹ̀ kì yóò kọjá 2,300. Igba dọ́là kò dùn ún sọ lẹ́nu bí ẹgbẹ̀rún kan, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń ta èyí tí kò ní aṣọ lára. Ó yẹ kí àwọn alágbàtà tó ń polówó áàpù fún ẹni tí kò ì pé oṣù kan lẹ́nu òwò yìí kọ irú títà bẹ́ẹ̀ fún un. Àwọn kan nínú wọn ti ń pa àdéhùn oníbàárà dé fúnra wọn kí ọjà tó tì bí owó rẹ̀ kò bá lè gbé e, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Epírílì yẹn, owó ti lọ kí ìrọ̀lẹ́ tó dé.