Ìdá Ọgọ́ta Nínú Ọgọ́rùn-ún Ènìyàn Mélòó?

Ní Èkó, tí orí ẹnìkan bá pé gan-an, wọn a ní orí rẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú, ẹni tó gba àjọ fún ọdún mẹ́ta láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí à ń kó fọ́ọ̀mù ìbéèrè lọ sọ́jà kì í ṣe alájọ Ṣómólú. A gbọ́dọ̀ kọ ohun gbogbo sílẹ̀. Síbẹ̀, ẹ ṣí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá, ẹ wo àtẹ tó pín ìdáhùn sí ẹgbẹ́ ọjọ́ orí. Ẹ ó rí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún lóríṣiríṣi, ẹ ò sì ní rí iye ènìyàn tí wọ́n ti ṣírò rẹ̀. Ẹ ò ní rí bí wọ́n ṣe pinnu pé ìdáhùn méjì jẹ́ ọ̀kan náà. Èrò tiwa ni pé irú àtẹ bẹ́ẹ̀ kò tíì parí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà á wọlé.

Ẹ jẹ́ ká lo Owódé Onírin, ọjà irin àti ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, kò jìnnà sí Máìlì 12. Ká ní a fẹ́ mọ ibi tí àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ń tọ́jú owó sí, a sì bi ènìyàn 120 léèrè pé, "Níbo lẹ máa ń tọ́jú owó ọjà yín sí jù?" Àpẹẹrẹ ni gbogbo iye tó ń bọ̀ yìí, a ṣètò wọn kí ìṣirò lè yé wa ni, wọn kì í ṣe èsì láti ọjà.

Wàhálà àkọ́kọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ "àjọ" fúnra rẹ̀. Ẹnìkan á ní, "Mò ń dá àjọ." Ohun tó ní lọ́kàn lè jẹ́ alájọ tó ń wá sí ìsọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, tó ń gba iye kan náà, tó sì ń dá owó náà padà nípari oṣù lẹ́yìn tó bá ti yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí èrè tirẹ̀. Ẹlòmíràn á lo ọ̀rọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n èsúsú ló ń sọ: ènìyàn mẹ́wàá ń dá owó jọ, ẹnìkan ń kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, títí yóò fi kárí. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò kéré. Ẹni tó ń dá owó fún alájọ, owó ara rẹ̀ ló ń tọ́jú, kò jẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó kọ́kọ́ kó èsúsú ti ná owó tí kò tíì dá. Gbèsè ló wà lọ́rùn rẹ̀ títí tí àwọn yòókù yóò fi kó tiwọn tán. Nígbà tí William Bascom kọ̀wé lórí èsúsú àwa Yorùbá ní 1952, ètò yíyá ara ẹni lówó ló pè é. Tí a bá wá fún àwọn méjèèjì ní kóòdù kan ṣoṣo, a ti pa afowópamọ́ àti ajigbèsè pọ̀, kò sì sí ìṣirò kankan tó lè yà wọ́n mọ́.

Nítorí náà, ìwé kóòdù gbọ́dọ̀ wà kí ẹnikẹ́ni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ́kọ́ ka bí ọgbọ̀n fọ́ọ̀mù láti rí ohun tí àwọn ènìyàn sọ ní ti gidi. Ẹni tó bá sọ pé, "Irin ni mo fi ń rà, irin kì í jẹrà," kò sí nínú àwọn ìdáhùn tí ẹ ti ń retí láti ilé, ó sì yẹ kó ní kóòdù tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: 1 fún alájọ, 2 fún èsúsú, 3 fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, 4 fún báńkì tàbí fóònù, 5 fún ẹni tó ń fi ra ọjà padà, 9 fún ẹni tí kò dáhùn. Ẹ fi ìbéèrè kan kún un fún ẹni tó bá dárúkọ àjọ: "Ṣé ẹnìkan ló ń wá gbà á lọ́wọ́ yín, àbí ẹ̀ ń kó o ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé?" Kí ènìyàn méjì wá fi kóòdù sí ogún fọ́ọ̀mù kan náà láìwo iṣẹ́ ara wọn. Tí wọ́n bá yàtọ̀ níbi márùn-ún nínú ogún, òfin kóòdù yín ni kò tíì yéni. Ẹ tún un kọ, ẹ má kàn fẹnu parí ìjà.

Ká wá ní a ti ṣe gbogbo ìyẹn, a sì fẹ́ mọ̀ bóyá àgbà ló ń lo alájọ jù tàbí ọ̀dọ́. Àtẹ wa nìyí:

| Ọjọ́ orí | Alájọ | Ọ̀nà mìíràn | Àpapọ̀ |
|---|---|---|---|
| 18–29 | 15 | 35 | 50 |
| 30–49 | 20 | 30 | 50 |
| 50 sókè | 12 | 8 | 20 |
| Àpapọ̀ | 47 | 73 | 120 |

Ẹnìkan mú 12, ó pín in pẹ̀lú 47, ó sì kọ ọ́ pé ìdá 26 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn àgbà, pé àwọn ẹni ọdún 30 sí 49 tó ní ìdá 43 ló ni alájọ. Ẹlòmíràn mú 12 kan náà, ó pín in pẹ̀lú 20, ó ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbà ló ń lo alájọ, nígbà tó jẹ́ ìdá 30 péré ni láàárín àwọn ọ̀dọ́. Ìṣirò àwọn méjèèjì tọ̀nà. Ìbéèrè wọn ni kò jọra. Ẹni àkọ́kọ́ ń sọ àwọn tí alájọ máa bá pàdé tó bá ń lọ káàkiri. Àgbà kéré láàárín wọn nítorí pé àgbà 20 péré la bi léèrè. Ẹnì kejì ń sọ ohun tí àgbà ń ṣe. Tó bá jẹ́ pé ipa ọjọ́ orí la fẹ́ mọ̀, inú ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan ni ìdá náà gbọ́dọ̀ ti pé ọgọ́rùn-ún. Bí ọjọ́ orí bá wà lórí ìlà bíi tòkè yìí, àṣẹ tí a ó tẹ̀ sínú SPSS nìyí:

```
CROSSTABS
  /TABLES=ojoori BY idahun
  /CELLS=COUNT ROW.
```

COUNT ló ń fún wa ní iye ènìyàn, ROW ló ń fún wa ní ìdá lórí ìlà. Ẹni tó bá yọ COUNT kúrò ti fi ẹ̀rí pamọ́.

Ìdá 60 sí ìdá 40: àlàfo ogún nìyẹn láàárín àwọn àgbà àti àwọn tó tẹ̀ lé wọn. Ó dùn ún kọ sínú àkọlé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká béèrè bí a ṣe mọ ọjọ́ orí wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ọjà kì í dédé sọ pé ọdún 48 ni àwọn, wọ́n á ní, "Kọ àádọ́ta sílẹ̀." Nínú ìkànìyàn Nàìjíríà pàápàá, ọjọ́ orí tó parí sí 0 àti 5 máa ń ga ju àwọn tó yí i ká lọ. Ká ní mẹ́rin nínú àwọn àgbà 20 wa jẹ́ ẹni ọdún 48 tàbí 49 tó ní àádọ́ta ni òun, tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń lo alájọ. Ẹ dá wọn padà sáyè wọn. Àwọn àgbà á di 8 nínú 16, ìyẹn ìdá 50. Àwọn ẹni ọdún 30 sí 49 á di 24 nínú 54, ìdá 44. Àlàfo ogún ti di mẹ́fà. Ènìyàn mẹ́rin péré ló gbé e lọ.

Ọ̀nà wà láti mọ̀ bóyá àrùn yìí wà nínú fọ́ọ̀mù wa. Atọ́ka Whipple ni wọ́n ń pè é. Ẹ mú àwọn tó wà láàárín ọdún 23 sí 62, ẹ ka àwọn tí ọjọ́ orí wọn parí sí 0 tàbí 5, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún, ẹ pín in pẹ̀lú gbogbo wọn, kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Tó bá jẹ́ 100, kò sí ìfàmọ́ra kankan. Tó bá jẹ́ 500, gbogbo wọn ló fà sí 0 àti 5. Tí 40 nínú ènìyàn 100 bá wà níbẹ̀, 200 ni. Tó bá sì ti kọjá 175, Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè ka irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ sí èyí tó burú gan-an.

Àtúnṣe rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìsọ̀ oníṣòwò. Ẹ béèrè ọdún tí wọ́n bí wọn, tí wọn ò bá sì mọ̀ ọ́n, ẹ fi ìṣẹ̀lẹ̀ wá a: ṣé wọ́n ti bí wọn nígbà tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní 1973? Ṣé wọ́n ti ń rìn nígbà Fẹ́sítáàkì ní 1977? Kíláàsì wo ni wọ́n wà nígbà ìdìbò June 12, 1993? Ẹ kọ ọdún gangan sílẹ̀; ẹ má fi àpótí ẹgbẹ́ ọjọ́ orí síwájú wọn, torí ohun tí a bá ti pa pọ̀ lórí fọ́ọ̀mù kò ṣeé tú mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ má gé ẹgbẹ́ síbi tí ènìyàn ń ṣù jọ sí. Tó bá jẹ́ 48 la fi bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ àgbà dípò 50, àwọn mẹ́rin wa ì bá wà lójú kan náà, bí wọ́n sọ òótọ́, bí wọn ò sọ ọ́. Ohun tí a ó pàdánù ni pé àtẹ wa ò ní bá tàwọn ẹlòmíràn dọ́gba. Ẹ sì ṣọ́ra fún 99 tí ẹ kọ fún ẹni tí kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀: tí ẹ ò bá sọ fún kọ̀ǹpútà pé àmì lásán ni, inú ẹgbẹ́ àgbà ni yóò kó o sí.

Ó ku iye ènìyàn. Nínú àgbà 20, ènìyàn kan ṣoṣo jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ńlá mọ ewu yìí. Nínú ìwádìí NDHS 2018 lórí ètò ìlera Nàìjíríà, obìnrin 41,821 ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, síbẹ̀ tí ìlà kan bá dúró lórí ènìyàn 25 sí 49, inú àkámọ́ ni wọ́n ń fi ìdá rẹ̀ sí; tí kò bá tó 25, wọn kì í tẹ̀ ẹ́ rárá, àmì ìràwọ̀ ni wọ́n ń fi síbẹ̀. Nípa òfin yẹn, ìdá 60 wa ì bá di ìràwọ̀. Tí àwọn tó ní ènìyàn ẹgbẹẹgbẹ̀rún bá lè dákẹ́, kí ló ń fún àwa tó ní 120 láyà láti kọ 60.0?

Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ ara wa kò pọ̀. Kí iye ènìyàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ìdá. Kí ìwé kóòdù wà lẹ́yìn iṣẹ́. Tí ẹgbẹ́ kan kò bá tó 25, ká padà sọ́jà wá àwọn àgbà sí i, tàbí ká kọ "12 nínú 20" ká sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan lè ka iṣẹ́ wa lọ́la, kó sì pinnu pé àwọn àgbà Owódé Onírin kò nílò òun, alájọ ti tó wọn. Ìyá oníṣòwò tí a dá dúró nídìí ọjà rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú kò sọ ìyẹn fún wa.